Ìńfẹ́tà kọ́ ló ń pa iná láago kan àbọ̀ òru

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ń gbé. Iná Nẹ́pà ò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ mìíràn kì í wá rárá. Oníṣẹ́ iná wa ní ìńfẹ́tà 3.5 kVA, bátìrì túbúlà 220Ah méjì àti páánẹ́lì sólà 300 wáàtì mẹ́rin máa gbé gbogbo ilé: fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù mẹ́jọ, àti sọ́mò tó ń fa omi kànga. Àwọn tó kọjú sí wa ṣe irú ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń kú kí aago méjì òru tó lù. Ọmọ mi ní ká kúkú sọ ìńfẹ́tà di 5 kVA. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?*
*Ìyá Bọ́lá*

Ìyá wa, ẹ fi ìńfẹ́tà 3.5 yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun kọ́ ló ń pa iná àwọn ará iwájú ilé yín. Bátìrì ni, páánẹ́lì sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ra 5 kVA tí bátìrì àti páánẹ́lì kò kúrò níye tí wọ́n wà, iná yín á máa kú lásìkò tí tiwọn ń kú, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín tètè kú ju tiwọn lọ. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lókè. Bátìrì ni táǹkì yẹn. Ìńfẹ́tà ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣí omi jáde, páánẹ́lì sì ni ohun tó ń rọ omi sínú táǹkì lọ́sàn-án. Bí ẹ bá yọ ẹnu ẹ̀rọ, tí ẹ fi èyí tó fẹ̀ sí i, omi á ya jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n táǹkì ò tìtorí ẹ̀ gba omi sí i. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ohun tó tọ́ ni pé ká kọ́kọ́ mọ iye omi tí ilé yín ń lò lóru, ká wá táǹkì tó gbà á, ká wá ohun tó lè kún táǹkì ọ̀hún lọ́jọ́ tí oòrùn ò dára, lẹ́yìn náà ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ.

Ohun tí wọ́n fi ń wọn omi yìí kò ṣàjèjì sí yín. Yúnìtì ni, yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà. Ohun tó ń jẹ 1000 wáàtì, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ló jẹ. Fáànù tó ń jẹ 70 wáàtì máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 14 kó tó jẹ yúnìtì kan. Bí oníṣẹ́ iná bá wọlé, tó ka gílóòbù, tó ka fáànù, tó sì dá iye ìńfẹ́tà lójú ẹsẹ̀, kò tíì béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù. Wákàtí mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́, pàápàá láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀?

Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín láì pe ẹnikẹ́ni. Bí iná bá dúró láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, ẹ ka yúnìtì tó kù lójú mítà ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ẹ tún kà á ní aago 8 àárọ̀, èyí tó dín ni ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé iná àdúgbò yín, irú òru bẹ́ẹ̀ lè má tètè wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tí èmi ń lò hàn yín. Ẹ wo ojú mítà dáadáa. Iná pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tàn tó ń kú, wọ́n sì kọ nǹkan bíi `1000 imp/kWh` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n kọ ni pé bí iná pupa yẹn bá tàn nígbà 1000, yúnìtì kan ti lọ. Nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá, ẹ pa gbogbo nǹkan ilé, kó ku fíríìjì nìkan. Ẹ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ tí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ wá fi aago fóònù ka iye sẹ́kọ́ǹdì láti ìgbà tí iná pupa tàn títí dìgbà tó tún tàn.

```
wáàtì = 3600 ÷ sẹ́kọ́ǹdì
```

Nígbà tí mo ṣe é fún fíríìjì ilé mi, sẹ́kọ́ǹdì 24 ló wà láàárín ìtàn méjì. Ẹ fi 24 pín 3600, 150 wáàtì ló ń jẹ nígbà tó bá ń kùn. Bó bá jẹ́ `1600 imp/kWh` ni wọ́n kọ sí mítà tiyín, 2250 ni kí ẹ pín dípò 3600. Ṣùgbọ́n fíríìjì kì í kùn láìdúró. Mo jókòó tì í lóru ọjọ́ kan, mo rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 ló ń kùn nínú wákàtí kan, ó ń sinmi ní ìyókù. Èyí jẹ́ kó dà bí ohun tó ń jẹ 60 wáàtì láìdúró. Lọ́sàn-án, tí ooru bá mú tí àwọn ọmọ sì ń ṣí i ní gbogbo ìgbà, ó máa ń lọ sí 80. Fíríìjì tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó lè jẹ ìlọ́po méjì èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ wọn tiyín kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká wá rin òru kan já nínú ilé yín. Mo máa lo iye tí mo sábà ń bá nílé tó ní irú ẹrù tiyín, ẹ lè fi tiyín rọ́pò rẹ̀ tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán. Láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 10 alẹ́, gílóòbù mẹ́fà ń tàn nínú ilé, 9 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 54 nìyẹn. Méjì níta jẹ́ 18. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà jẹ́ 100. Fáànù pálọ̀ jẹ́ 70, fíríìjì jẹ́ 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 302.

Kò tíì tán. Ìńfẹ́tà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tan nǹkan kan, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ara rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bátìrì yín ló fi ń gbéra dúró. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n 40 wáàtì ni mo máa ń kà fún irú 3.5 kVA yìí. Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Láàárín ọ̀sán àti òru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì kan odindi, ó sì ju ìdajì ohun tí fíríìjì jẹ lọ. Bí ìńfẹ́tà bá sì ṣe tóbi tó ni oúnjẹ òun náà sábà máa ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé 5 kVA lè mú kí iná yín tètè kú: ẹ ti fi owó ra ẹ̀rọ tó tún fẹ́ bá yín pín nínú omi táǹkì.

Pẹ̀lú oúnjẹ ìńfẹ́tà, 342 wáàtì ló ń lọ. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí mẹ́rin, nǹkan bíi yúnìtì 1.4 ti lọ nígbà tí aago 10 bá fi máa lù. Lẹ́yìn náà ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, àwọn gílóòbù inú ilé kú, fáànù méjì ń fẹ́ ní yàrá, tí ìta ṣì ń tàn, tí fíríìjì àti ìńfẹ́tà ṣì ń jẹ tiwọn. 258 wáàtì nìyẹn, fún wákàtí mẹ́jọ títí di aago 6 àárọ̀, yúnìtì 2.1. Láti aago 6 sí 8, kí oòrùn tó lágbára, pẹ̀lú fóònù tí gbogbo ilé ń sá sí iná, ẹ ka 0.3. Yúnìtì 3.8 ni òru kan ń gbà lọ́wọ́ bátìrì.

Kí ló wá wà nínú bátìrì méjì yẹn? Wọ́n so wọ́n pọ̀ di 24 fóltì, 220Ah. Tí ẹ bá fi 24 sọ 220 di púpọ̀, ó jẹ́ 5280, ìyẹn yúnìtì 5.3 lórí ìwé. Ẹni tó bá wo 5.3 tó sì wo 3.8 á ní ó ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe fún àwọn ará iwájú ilé yín nìyẹn. Òjé ló wà nínú bátìrì túbúlà. Bí ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́, tí kò sì tètè kún padà, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ ara òjé yẹn, á le koránkorán, ibi tó bá sì ti dì sí kò ní gba iná mọ́. Nítorí náà ìdajì ni tiyín, yúnìtì 2.6. Nígbà tí ìńfẹ́tà bá tún ń yí i padà sí iná ilé, díẹ̀ á ṣòfò di ooru, ohun tó máa dé ara fáànù yín ò ju 2.3 lọ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ní aago 10 alẹ́, 1.4 ti lọ, ó ku 0.9. Ohun tó ń jẹ 258 wáàtì máa jẹ 0.9 tán ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Aago kan àbọ̀ òru nìyẹn. Ohun tí àwọn aládùúgbò yín sọ fún yín bá ìṣirò mu rẹ́gí.

Mo ní láti kìlọ̀ ohun kan níbí. Bí ẹ bá fẹjọ́ sùn pé iná ń kú láàjìn, àwọn oníṣẹ́ iná kan máa wá tẹ ìńfẹ́tà pé kó má pa iná àfi bí bátìrì méjèèjì bá já sí 21 fóltì. Lóòótọ́ iná á dé àárọ̀. Inú yín á dùn fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó máa ń jọ àwọn èèyàn lójú: ó máa ń tètè kún láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ó ti kún ní aago 10, síbẹ̀ kò ní pẹ́ kú lálẹ́. Táǹkì tí yẹ̀pẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, omi díẹ̀ ló ń kún un, omi díẹ̀ náà ló ń tán. Bí bátìrì bá sinmi fún wákàtí kan tàbí méjì láìsí ohun tó ń fà á, tí òṣùwọ̀n fóltì sì fi nǹkan bíi 24.4 hàn fún méjèèjì, ìdajì ló wà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ó máa sùn mọ́jú.

Ọ̀nà méjì ló wà láti rí 3.8 tó péye. Èkíní ni túbúlà 220Ah mẹ́rin. Ìdajì wọn, lẹ́yìn òfò, á fún yín ní bíi 4.6. Èkejì ni lítíọ́mù kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n kọ 25.6V 200Ah sí, yúnìtì 5.1 lórí ìwé. Òun ṣeé fà dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún láìpa á lára, lẹ́yìn òfò á fún yín ní 3.9. Ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e.

Tó bá jẹ́ èmi ni, lítíọ́mù ni mo máa rà fún ilé yín, nítorí pé òru gbogbo lẹ máa fà á. Túbúlà fẹ́ kí wọ́n máa yẹ omi rẹ̀ wò, omi bátìrì gidi ni kí ẹ sì fi kún un, kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í ṣe omi òjò. Ó ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná nígbà tó bá ń kún, kò gbọdọ̀ wà ní yàrá tí èèyàn ń sùn. Lítíọ́mù ò ní ìdààmú yẹn, ó sì máa ń pẹ́ ju túbúlà lọ dáadáa. Ewu tirẹ̀ ni ayédèrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú yín. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì 200Ah kan sì máa ń tó kílò mẹ́rin, ká tó wá sọ ti irin àti wáyà. Bí gbogbo bátìrì yẹn bá wọn ìsàlẹ̀ kílò 30, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé túbúlà lowó ká, ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ra méjì kí ẹ ní ẹ máa fi méjì kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ògbólógbòó á máa fa tuntun sẹ́yìn, láìpẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ẹgbẹ́ ara wọn nínú gbígbó.

Ọ̀rọ̀ páánẹ́lì ló kàn, ibẹ̀ ni mo ti jìyà àìmọ̀ tèmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ṣe sólà fún ìyá kan tó ń ta omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò nítòsí Ọjà Igbó. Oṣù Kẹta ni mo ṣe é. Oòrùn ràn, fírísà rẹ̀ dì gbagidi, ó gbàdúrà fún mi. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ó pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ṣí fírísà, ó fa ọ̀rá omi kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ohun tí mo so. Oòrùn oṣù Kẹta ni mo fi ṣírò, òjò oṣù Kẹjọ ló sì ń rọ̀. Mo dá páánẹ́lì méjì kún un lówó ara mi, láti ọjọ́ yẹn, oṣù Kẹjọ ni mo fi ń ṣírò fún gbogbo ènìyàn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Oòrùn wà lójú ọ̀run fún wákàtí 12, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò lágbára. Bí ẹ bá kó gbogbo agbára ọjọ́ kan jọ, tí ẹ ṣe é bí ẹni pé oòrùn ọ̀sán gangan nìkan ló ràn, lágbègbè wa níbí ó máa ń tó wákàtí 5 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín òjò, èmi kì í kà ju 3.5 lọ. Lára ohun tí páánẹ́lì ní òun lè ṣe, ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò: ooru tó ń mú ún lórí páànù, eruku, àti òfò inú wáyà. Páánẹ́lì mẹ́rin ti 300 jẹ́ 1200 wáàtì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa mú yúnìtì 4.5 wá lójúmọ́, nígbà òjò 3.2.

Ilé yín ń kọ́? 3.8 ti òru wà níbẹ̀. Ọ̀sán náà ń jẹ: fíríìjì 0.8, ìńfẹ́tà 0.4, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí 1.9. Ó di 5.7. Ẹ fi òfò tó wà nínú kíkún bátìrì àti yíyí iná padà kún un, páánẹ́lì ní láti mú tó 6.5 wá. Páánẹ́lì tí wọ́n dárúkọ fún yín ò lè ṣe é lóṣù Kẹta pàápàá, ká tó sọ oṣù Kẹjọ. Kódà bí ẹ bá gbé bátìrì ńlá síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa rí i kó kún, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé.

Ohun tí mo máa fi síbẹ̀ ni páánẹ́lì mẹ́rin ti 550 wáàtì. 2200 wáàtì nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa mú 8.2 wá, ó ṣẹ́kù láti fi lọ aṣọ lọ́sàn-án. Nígbà òjò ó máa mú 5.8, ó dín díẹ̀ sí 6.5. Ibi tí Nẹ́pà ti wúlò fún yín nìyí. Bó bá wá fún wákàtí méjì péré, ìńfẹ́tà lè rọ bíi yúnìtì kan sínú bátìrì láàárín àsìkò yẹn, gbèsè ti tán. Ẹni tí kò ní Nẹ́pà rárá gbọ́dọ̀ ra karùn-ún, ẹ̀yin lè fi owó yẹn pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìńfẹ́tà. Ohun tó ń díwọ̀n rẹ̀ ni iye tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí ohun tó ní ẹ̀rọ nínú ṣe ń fà nígbà tó bá fẹ́ dìde. Fíríìjì tó ń jẹ 150 wáàtì lè fà tó 900 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó fara balẹ̀. Ẹ fi 342 ìrọ̀lẹ́ sí i, kò tíì tó ìdajì ohun tí 3.5 kVA lè gbé. Ẹ ṣáà wo ìwé tó wà lára rẹ̀: àwọn kan kọ 3.5 kVA gàdàgbà, ṣùgbọ́n wáàtì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ò ju 2800 lọ. Wáàtì yẹn ni òótọ́ ọ̀rọ̀.

Sọ́mò nìkan ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti agbára ẹṣin kan, èyí tí wọ́n ń kọ 1HP sí lára, ó máa jẹ bíi 1100 wáàtì, nígbà tó bá sì fẹ́ dìde ó lè béèrè ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún rẹ̀. Ìńfẹ́tà lè fara dà á, kí bátìrì lítíọ́mù máà gbà fún un. Nǹkan kékeré kan wà nínú lítíọ́mù tó ń ṣọ́ ọ, BMS ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń fi ààlà sí 100 ámpíà, ìyẹn bíi 2500 wáàtì. Bí sọ́mò bá fà kọjá ibẹ̀, BMS á já iná, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, ẹ ó sì rò pé bátìrì ti kú. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná ya wáyà sọ́mò àti ti áyọ́ọ̀nù sọ́tọ̀ sára Nẹ́pà, kí wọ́n má gba inú ìńfẹ́tà kọjá rárá. Ẹ pọn omi kún táǹkì nígbà tí Nẹ́pà bá dé. Ìdajì wákàtí sọ́mò ń jẹ ju ohun tí fíríìjì jẹ láti aago 10 alẹ́ di aago 6 àárọ̀ lọ.

Ó ku ohun kan tó ti ba ìńfẹ́tà tuntun jẹ́ lójú mi, nílé kan lọ́nà Ìlọrin. Ẹ yí páánẹ́lì 550 wò lẹ́yìn, ẹ máa rí `Voc`, ìyẹn fóltì tí páánẹ́lì ń mú wá nígbà tí nǹkan kan ò tíì fà á, iwájú rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 50V. Ẹ wá wo ara ìńfẹ́tà, níbi tí wọ́n kọ fóltì tó ga jù tó lè gbà látọ̀dọ̀ páánẹ́lì. Ọ̀pọ̀ irú 24 fóltì ló jẹ́ pé 145V ni òpin wọn. Ẹni tó ṣe ti ilé yẹn to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, 50 lọ́nà mẹ́rin, 200 nìyẹn. Òórùn jíjóná ni wọ́n gbọ́. Mẹ́ta pàápàá ti kọjá ààlà, nítorí 150 ni, tí òtútù ọyẹ́ bá sì mú láàárọ̀ fóltì yẹn tún máa ń gòkè sí i. Bí tiyín bá jẹ́ 145V, méjì-méjì ni kí wọ́n so wọ́n, kí wọ́n wá so apá méjèèjì pọ̀. Àwọn ìńfẹ́tà mìíràn gbà tó 500V, ṣùgbọ́n wọn kì í jí bí fóltì bá kéré jù, fún àwọn yẹn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ló dára. Ọ̀nà méjì ni ìńfẹ́tà ń gbà fa iná lára páánẹ́lì, ẹ rí i pé `MPPT` ni wọ́n kọ sí tiyín. Bó bá jẹ́ `PWM`, nǹkan bíi 350 wáàtì ló máa rí lò lára 550 tí ẹ sanwó rẹ̀.

Kí wọ́n kọjú páánẹ́lì sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi omi àti àkísà nù ún láàárọ̀ kùtù, kí ó tó gbóná. Bí igi máńgòrò tàbí òpó táǹkì bá ń da òjìji lu ẹyọ kan lára wọn láàárọ̀, kí wọ́n sún un, torí òjìji orí ẹyọ kan lè fa èyí tó wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú rẹ̀ sẹ́yìn.

Lójú ìńfẹ́tà, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ilé máa kọ́kọ́ lò. Lára ọ̀pọ̀ wọn, nọ́ńbà `01` ni. Bó bá wà lórí `SBU`, oòrùn ló ń kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà bátìrì, ó di ìgbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan Nẹ́pà. Ó dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ẹ ní kí wọ́n yí i kó máa lo Nẹ́pà nígbàkígbà tó bá wà, kí bátìrì lè máa kún de òru.

Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣì máa wà lóṣù Kẹjọ tí òjò á ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, tí Nẹ́pà náà ò sì ní yọjú. Kò sí bí mo ṣe lè ṣírò ọjọ́ yẹn fún yín láìsọ owó yín di ìlọ́po méjì, mi ò sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná ní aago 10, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i mọ́. Ẹ ti fi ìdajì yúnìtì pamọ́ títí di aago 6, fáànù méjèèjì, iná ìta àti ìńfẹ́tà á lè fi ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí i, ohun tó wà nínú fíríìjì á sì tutù dàárọ̀.